Inú Rírun Lójú Kan: Kẹ́míìsì, Kílíńìkì Ọ̀la, àbí Pàjáwìrì Lóru Yìí?

Tí ẹnì kan bá wọlé wá bá mi pé inú ń run òun, ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń ní kó ṣe ni pé kó fi ìka kan ṣoṣo tọ́ka síbi tó ti ń dùn ún. Ẹlòmíì á gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ikùn, á máa fi rà á káàkiri, á ní, "Gbogbo rẹ̀ ni, nọ́ọ̀sì." Ẹlòmíì á fi ìka tọ́ ojú kan, ìka náà ò sì ní kúrò níbẹ̀. Ẹni kejì yìí ni mo máa ń tètè pe dókítà sí. Ìrora tó wà káàkiri, ìfun tó ń fún ló sábà máa ń fà á. Èyí tó ti rí ojú kan jókòó sí sábà túmọ̀ sí pé ohun kan níbẹ̀ ti wú, ó sì ti ń kan awọ tó tẹ́ inú ikùn lábẹ́.

Ní Ìbàdàn níbí, ọ̀nà mẹ́ta ló wà níwájú ẹni tó bá wà nírú ipò bẹ́ẹ̀. Ó lè dúró sílé kó ra oògùn ní kẹ́míìsì. Ó lè sùn kó tó lọ sí kílíńìkì tàbí sẹ́ńtà ìlera tó bá di àárọ̀. Ó sì lè wọkọ̀ lóru lọ sí ibi pàjáwìrì. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ní ẹni tí wọ́n bá mu. Inú rírun lójú kan nìkan ni mo fẹ́ fi wọ́n wéra níbí, torí òun ni mo máa ń rí tí àwọn èèyàn ń ṣì mú jù.

Ohun tí a ó fi wọ̀n wọ́n

Ẹ má fi bí ó ṣe ń dùn tó nìkan ṣe ìwọ̀n. Ẹni tí òkúta wà nínú kíndìnrín rẹ̀ lè máa yí gbirigbiri nílẹ̀, kó máa pariwo tí gbogbo àdúgbò á fi gbọ́, kó sì jẹ́ pé ẹni tó dákẹ́ jẹ́ẹ́ lórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó ká eékún mọ́ra tí ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan òun, ni ìfun rẹ̀ ti lu. Ohun mẹ́rin ni kí ẹ wò.

Àkọ́kọ́ ni wákàtí. Inú tó ń fún tó ń tú, tó ń lọ tó ń bọ̀, yàtọ̀ sí èyí tó bẹ̀rẹ̀ tí ò dá dúró rárá. Tí ara ẹnì kan bá le tẹ́lẹ̀, tí ìrora tó lágbára wá mú un lójú kan fún wákàtí mẹ́fà láìsinmi, a kì í sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé kó wá lọ́la.

Ìkejì ni bó ṣe rìn. Níbo ló ti bẹ̀rẹ̀? Níbo ló wà báyìí? Ìrora tó bẹ̀rẹ̀ láyìíká ìdodo, tó wá ṣí lọ sí ìsàlẹ̀ ikùn lápá ọ̀tún láàárín ọjọ́ kan, ìrìn àpẹ́ńdíìsì nìyẹn. Àpẹ́ńdíìsì ni ìfun kékeré kan bí ìka ọwọ́ tó so mọ́ ibi tí ìfun ńlá ti bẹ̀rẹ̀. Tí nǹkan bá dí ẹnu rẹ̀, á wú. Ìgbà tí òun nìkan ṣì ń wú, àárín ikùn ni ọpọlọ máa ń gbà pé ìrora náà wà. Ìgbà tí wíwú náà bá kan awọ tó yí i ká ló tó máa ń rí ojú ibi tó wà gan-an.

Ìkẹta, gbígbọ̀n. Ẹ wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ wò ó bóyá á gún yín lójú kan náà. Tàbí kí ẹ fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ dúró, kí ẹ wá jẹ́ kí gìgísẹ̀ já lulẹ̀ gbì. Àwa ará Ìbàdàn ní ìdánwò tiwa tó dára ju ìyẹn lọ: ẹ wọ Máíkírà. Mo máa ń bi àwọn èèyàn pé, "Nígbà tí mọ́tò já sí kòtò, báwo ló ṣe rí?" Ẹni tó bá ní òun di ikùn mú ní gbogbo kòtò, tàbí tó bẹ dẹ́rẹ́bà pé kó rọra, ó ti sọ nǹkan gidi fún mi. Tí kò bá tilẹ̀ kíyè sí kòtò kankan, ọkàn mi á balẹ̀ díẹ̀. Díẹ̀ ni mo sọ o.

Ìkẹrin ni ohun tó bá a rìn, àti èyí tó ṣáájú. Tí èébì àti ìgbẹ́ gbuuru bá ṣáájú kí inú tó bẹ̀rẹ̀ sí í run, oúnjẹ ló sábà máa ń jẹ́. Tí inú bá kọ́kọ́ run fún wákàtí bíi mélòó kan kí èébì tó tẹ̀ lé e, tí oúnjẹ ò sì wù yín rárá, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Fún obìnrin tó ṣì ń rí nǹkan oṣù, ìbéèrè kan wà tó ṣáájú gbogbo ìyókù: ìgbà wo lẹ rí i gbẹ̀yìn?

Owó náà wà lára ìwọ̀n, mi ò ní díbọ́n pé kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n a ó rí i níwájú pé ọ̀nà tí owó rẹ̀ kéré lálẹ́ òní kọ́ ni owó rẹ̀ máa kéré tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ilé àti kẹ́míìsì

Ọ̀nà yìí dára fún inú tó ń fún tó ń tú, tí ìgbẹ́ gbuuru bá a rìn, tí ẹ ṣì lè mu omi kó dúró nínú. Ó dára fún inú tó kún lẹ́yìn oúnjẹ, tó sì rọ̀ lẹ́yìn tí ẹ só tàbí tí ẹ yàgbẹ́. Ó dára fún ìrora nǹkan oṣù tẹ́ ẹ ti mọ̀ tipẹ́, tó wá lọ́jọ́ tó máa ń wá, tó sì rí bó ṣe máa ń rí.

Pàrásítámọ̀ ni kí ẹ lò: hóró méjì ti 500 miligíráàmù fún àgbàlagbà, kó má ju hóró mẹ́jọ lọ láàárín ọjọ́ kan. Àwọn àgbà kan ṣì ń sọ pé kí a má lo oògùn ìrora rárá kí dókítà má bàa ṣì í mọ̀. Ìyẹn ti kọjá. Pàrásítámọ̀ ò ní fi àpẹ́ńdíìsì pamọ́ fún dókítà, ẹ ṣáà sọ fún un pé ẹ lò ó. Ẹ má fọwọ́ kan àìbúpùróféènì àti ìyẹ̀fun Alábùkún nígbà tí inú bá ń run yín lókè, lábẹ́ igbá-àyà. Ásípírìn ló wà nínú Alábùkún, àtòun àti àìbúpùróféènì ló sì máa ń jẹ ara inú ẹni tó ti ní ọgbẹ́ inú tẹ́lẹ̀. Mo ti rí ẹni tó ń fi ohun tó lu ú níhò wo ara rẹ̀ sàn.

Àgbo wá ńkọ́? Ọ̀rọ̀ jẹ̀díjẹ̀dí nìyí. Nílé wa, ìsàlẹ̀ ikùn tó bá ti ń dun èèyàn, jẹ̀díjẹ̀dí ni, ẹ̀bà àti ṣúgà ló fà á, àgbo sì ni ìdáhùn. Mi ò bá àgbo jà lọ́jọ́ tí inú kàn kún. Ṣùgbọ́n àgbo tó ń mú èèyàn yàgbẹ́, bíi oògùn ìgbẹ́ èyíkéyìí tàbí omi tí wọ́n ń fà sídìí, ń fi agbára mú ìfun fún. Tí ojú kan bá ti wú nínú ìfun náà, tó ti fẹ́ bẹ́, fífún yẹn lè bá a bẹ́ ẹ.

Ibi tí kẹ́míìsì ti kù díẹ̀ káàtó ni pé ẹni tó wà lẹ́yìn káńtà ò lè tẹ ikùn yín lórí bẹ́ẹ̀dì. Ohun tí ẹ bá sọ nìkan ló ní. Ọ̀pọ̀ wọn á fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀, wọ́n á ní tífọ́ìdì ni. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń ṣe yẹn lè sọ pé tífọ́ìdì wà lára ẹni tí kò ní in, pàápàá níbi tí tífọ́ìdì ti wọ́pọ̀ bíi tiwa, torí ara máa ń rántí kòkòrò tó ti pàdé rí. Ibà ni tífọ́ìdì fi ń bẹ̀rẹ̀, ibà tó ń ga sí i lójoojúmọ́. Kì í bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́jọ alẹ́ Mọ́ńdè láyìíká ìdodo.

Ẹni tó bá mú ọ̀nà yìí, kó wo aago nígbà tó bẹ̀rẹ̀, kó sì tún ara rẹ̀ yẹ̀ wò lẹ́yìn wákàtí mẹ́fà pẹ̀lú ohun mẹ́rin tí mo sọ lókè.

Sẹ́ńtà ìlera tàbí kílíńìkì, tó bá di àárọ̀

Ibí ni ìrora tó ti ń wá tó ń lọ láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan yẹ kó lọ. Inú tó ń jó lókè nígbà tí ebi bá ń pani, tó sì rọ̀ lẹ́yìn oúnjẹ. Ìrora ìsàlẹ̀ ikùn tó bá ìtọ̀ gbígbóná rìn, láìsí ibà líle àti èébì. Ìwú kékeré lábẹ́ ikùn tàbí ní abẹ́ itan tó ń yọ nígbà tí ẹ bá gbé ẹrù, tó sì ń padà wọlé tí ẹ bá dùbúlẹ̀. Ìyẹn lè dúró de kílíńìkì. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí kò bá padà wọlé mọ́, tó le, tó ń dùn, tí èébì tẹ̀ lé e, ìfun ti há síbẹ̀ nìyẹn, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ kílíńìkì mọ́.

Owó rẹ̀ kì í pọ̀: káàdì, àyẹ̀wò ìtọ̀, àyẹ̀wò oyún, bóyá sìkáànù. Ẹni tó bá ti forúkọ sílẹ̀ fún ìṣedúró ìlera ìpínlẹ̀, ibi tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tó dára jù níbẹ̀ ni pé ẹnì kan á fọwọ́ tẹ ikùn yín, ẹ sì lè padà lọ bá ẹni yẹn kan náà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Àléébù rẹ̀ ni àkókò. Ọ̀pọ̀ sẹ́ńtà wa ló jẹ́ pé tí ọ̀sán bá ti rọ̀, ẹ ò ní bá dókítà níbẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ rí dókítà ní kílíńìkì gbogbogbòò UCH gbọ́dọ̀ tètè jí, torí èrò ibẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Pàjáwìrì, lóru yìí

Ẹ má dúró de ilẹ̀ kó mọ́ tí ikùn bá le bíi pákó tí kò ṣeé tẹ̀. Tí ìrora bá rìn bíi ti àpẹ́ńdíìsì tí mo sọ. Tí ó bá bẹ̀rẹ̀ lójijì bíi pé wọ́n fi ọ̀bẹ gún yín, débi tí ẹ lè sọ ìṣẹ́jú tó bẹ̀rẹ̀ gan-an. Tí ikùn bá ń wú, tí ẹ ń bì, tí ẹ ò sì lè yàgbẹ́ tàbí kí ẹ só rárá. Tí ẹ bá bi ẹ̀jẹ̀, tàbí tí ìgbẹ́ dúdú bíi ọ̀dà. Tí ibà líle bá mú yín, tàbí tí òòyì ń kọ́ yín nígbà tí ẹ bá dìde. Ẹni tó ti lé ní ogójì ọdún tí ìrora mú lókè ikùn, tó ń làágùn yọ̀bọ̀yọ̀bọ̀, tí ìrora náà sì ń ran àgbọ̀n tàbí apá, kó má pè é ní ọgbẹ́ inú. Ó lè jẹ́ ọkàn rẹ̀.

Àwọn méjì kan wà tí wákàtí ò bá wọn ṣeré rárá. Obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti yẹ̀, tí ìsàlẹ̀ ikùn wá ń dùn ún lápá kan, kó gbà pé oyún ló wà lójú ọ̀nà tí kò tíì dé ilé-ọmọ, títí àyẹ̀wò á fi sọ pé rárá. Ojú ọ̀nà náà tín-ín-rín, ó lè bẹ́, ẹ̀jẹ̀ á sì máa dà sínú níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti rí i. Tí ṣóńṣó èjìká rẹ̀ bá tún ń dùn ún, tàbí tí òòyì gbé e, ó ti ń dà náà nìyẹn. Ẹnì kejì ni ọmọkùnrin, ọmọ ilé-ìwé tàbí ọ̀dọ́, tó ní ìsàlẹ̀ ikùn ń dun òun. Ojú lè tì í láti sọ pé kórópọ̀n òun gan-an ló ń dùn. Ẹ bi í tààrà. Tí kórópọ̀n bá yí, okùn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á lọ́, àǹfààní tó dára jù láti gbà á là sì wà láàárín wákàtí mẹ́fà.

Owó ibẹ̀ ló ń bani lẹ́rù, mo mọ̀. Àmọ́ ẹ mọ èyí: òfin ìlera orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 2014 sọ pé ilé-ìwòsàn kankan ò gbọ́dọ̀ kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni fún ìdí kankan. Ìjìyà rẹ̀ ni owó ìtanràn 100,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ, tàbí méjèèjì. Òfin náà ò ní kí wọ́n má bu owó fún yín lẹ́yìn náà o, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ẹnikẹ́ni dá yín padà lẹ́nu ọ̀nà. Ohun mìíràn tó máa ń bí àwọn èèyàn nínú ni pé a kì í gba èèyàn bí wọ́n ṣe dé. Ẹni tó le jù la máa ń kọ́kọ́ gbà. Bí ẹ bá ti ń jókòó tí wọ́n ń gbé ẹlòmíì kọjá yín, ìròyìn rere ni fún yín.

Ọmọ iṣẹ́ wẹ́dà kan

Ọmọ ọdún 19 ni, ó ń kọ́ṣẹ́ wẹ́dà ní Mọ́kọ́lá. Aago mẹ́jọ alẹ́ Mọ́ńdè ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún láyìíká ìdodo, lẹ́yìn àmàlà. Àmàlà ni gbogbo wọn dá lẹ́bi. Títí di ibí yìí, ilé kò burú. Ṣùgbọ́n ọ̀gá rẹ̀ bù ú ní àgbo jẹ̀díjẹ̀dí. Ní aago méjì òru ó bì lẹ́ẹ̀mejì, ìrora náà ò sì dá dúró. Wákàtí mẹ́fà ti pé nìyẹn, ìrora ṣáájú èébì. Ibí ló yẹ kí wọ́n ti máa wá ọkọ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìrora ti ṣí lọ sí apá ọ̀tún nísàlẹ̀. Kẹ́míìsì kan fún un lábẹ́rẹ́, wọ́n ní tífọ́ìdì ni. Ara rọ̀ ọ́ díẹ̀ títí di ọ̀sán. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́ Túsìdeè, kò lè na ẹsẹ̀ ọ̀tún mọ́, ó ń tẹ̀ bíi arúgbó. Ìyá rẹ̀ sọ fún mi pé òun rò pé ẹsẹ̀ ni.

Ìdájí Wẹ́sìdeè ni ohun tó tàn wọ́n jù ṣẹlẹ̀. Ìrora náà lọ. Ó lọ bíi pé ẹnì kan mú un kúrò. Wọ́n dúpẹ́, ó mu ògì. Àpẹ́ńdíìsì náà ló bẹ́: wíwú tó ń fún un mọ́lẹ̀ ti tú, ọyún ti dà sínú ikùn. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, gbogbo ikùn ti le, ibà rẹ̀ ti kọjá 39. Máíkírà ni wọ́n fi gbé e wá. Bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lábẹ́ ikùn bí ẹni tó gbé agbada epo gbígbóná, ó ń fi ẹsẹ̀ wọ́ ilẹ̀ kó má bàa gbọ̀n.

Ògì tó mu yẹn tún jẹ́ wàhálà tirẹ̀, torí a kì í fẹ́ kí oúnjẹ wà nínú ẹni tí wọ́n máa kùn lóorun. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà, wọ́n fọ inú rẹ̀, wọ́n fi rọ́bà sí ẹ̀gbẹ́ kí ọyún lè máa jáde. Ọjọ́ mọ́kànlá ló lò lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹni tó bá dé kí tirẹ̀ tó bẹ́ máa ń lò tó ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Ìyàtọ̀ náà wà nínú owó bẹ́ẹ̀dì, nínú oògùn, àti nínú iṣẹ́ tí kò ṣe fún oṣù kan gbáko. Owó Máíkírà ní aago méjì òru Mọ́ńdè ni ì bá san.

Ta ló yẹ kó mú èwo

Ẹni tí ara rẹ̀ le, tí inú rẹ̀ ń fún tó ń tú, tí kò gún un nígbà tó wúkọ́, tó ṣì lè mumi: ilé, pẹ̀lú aago níwájú rẹ̀. Ẹni tó ti mọ ìrora náà láti ọjọ́ pípẹ́, tí kò yí padà, tó ń sùn lóru: kílíńìkì, lọ́la tàbí lọ́tunla. Ẹni tó bá lè fi ìka kan tọ́ ojú kan tí kò kúrò níbẹ̀, tó ti lé ní wákàtí mẹ́fà, tí gbígbọ̀n sì ń gún un: pàjáwìrì, kódà tí kò bá tíì pariwo.

Fún àwọn kan, mo máa ń sún ìwọ̀n náà kúrò níbẹ̀. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún àti ẹni tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún kì í fi àmì hàn dáadáa. Ikùn arúgbó lè rọ̀ nígbà tí nǹkan ti bẹ́ nínú. Aláboyún náà, torí oyún máa ń ti àpẹ́ńdíìsì sókè, ìrora náà lè wà níbi tí ẹnì kankan ò retí. Ẹni tó ní fòníkúfọ̀ládìde mọ ìrora tirẹ̀ dunjú. Tó bá ní èyí kò jọ ti tẹ́lẹ̀, kí a gbà á gbọ́. Ẹni tí ibà tífọ́ìdì gidi ti wà lára rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ méjì tí ikùn wá bẹ̀rẹ̀ sí í le, ìfun rẹ̀ lè ti lu. Gbogbo àwọn wọ̀nyí, tí wọ́n bá wà láàárín kílíńìkì àti pàjáwìrì, kí wọ́n lọ sí pàjáwìrì.

Kí ẹ tó jáde, ẹ má jẹ, ẹ má mu nǹkan kan ju omi díẹ̀ tí ẹ fi gbé oògùn mì. Ẹ kó gbogbo oògùn tí ẹ ti lò dání, títí kan sáṣẹ́ẹ̀tì abẹ́rẹ́ àti ike àgbo. A ò ní bá yín wí. Ẹ mú ẹnì kan tó lè fún yín lẹ́jẹ̀ dání. Nọ́ńbà pàjáwìrì tí ẹ lè pè láìsan owó ni 112. Tó bá jẹ́ Adéọ̀yọ́ lẹ ń lọ, ẹ sọ fún dẹ́rẹ́bà bóyá ti Yemẹtu ni tàbí ti Ríǹgì Róòdù, torí méjèèjì ló ń jẹ́ orúkọ yẹn, a sì ti rí ẹni tó kọ́kọ́ dé èyí tí kì í ṣe ibi tó ń lọ.

Nígbà tí ẹ bá dé iwájú tábìlì wa, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí "ara mi ò yá." Ẹ sọ ọ́ báyìí: "Ó bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́jọ alẹ́ àná níbí, ó ti wá síbí báyìí, kò tíì dá dúró, mo bì lẹ́yìn rẹ̀, kòtò ń gún mi."